Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tá a bá ń tún ìran kan kọ nínú ìtàn

Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé tó ń tún ẹ̀dà àkọ́kọ́ ìtàn wọn ṣe, gbólóhùn ni wọ́n ń dán. Wọn kì í gé e. Ẹ wo ìran yìí, tó wáyé lẹ́yìn ikú ìyá Títí:

"Títí bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí yàrá. Ó rí i pé bàbá rẹ̀ ń kó aṣọ ìyá rẹ̀ sínú àpótí pẹ̀lú ìkánjú. Inú bí i gan-an. 'Bàbá mi, ṣé ẹ ti gbàgbé màámi ni? Ó ń dùn mí!' ló fi ìbínú sọ."

"Bẹ̀rẹ̀ sí í" kò wúlò níbí, torí kò sí ohun tó dá ìrìn náà dúró. "Ó rí i pé" náà kò ṣe nǹkan kan: ojú Títí la fi ń wo yàrá náà, ohun yòówù tá a bá dárúkọ, òun ló rí i. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe wá ọ̀rọ̀ wọ̀nyí káàkiri ìwé kí ẹ sì pa gbogbo wọn rẹ́. Bí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, tí ilẹ̀kùn sì ṣí kó tó parí rẹ̀, "bẹ̀rẹ̀ sí í" yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe.

"Kó pẹ̀lú ìkánjú" ń fẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe kan tó lágbára: "ki bọnú." Àṣìṣe tó máa ń tẹ̀ lé èyí ni kí gbogbo "ní" àti "wí" di "jágbe" àti "bú ramúramù." Òǹkàwé kì í kọsẹ̀ lára "ní", ẹ fi í sílẹ̀.

Àtúnkọ náà nìyí:

"Bàbá rẹ̀ ń ki aṣọ bọnú àpótí. Títí dúró lẹ́nu ọ̀nà.
'Ẹ ò ká ìyẹn dáadáa.'
Ó wọlé, ó fa ẹ̀wù kan yọ, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ká a. Kò dá a padà sínú àpótí."

Ibí gan-an ni ọwọ́ ti máa ń yún òǹkọ̀wé láti fi kún un pé: "Ó ṣì ń ṣàárò ìyá rẹ̀." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ̀wù tí kò padà sínú àpótí ti sọ ọ́, òǹkàwé sì ti rò ó fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá tún un sọ, ẹ ti gba ìrònú náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ tún àtúnkọ yẹn kà. Ìyá ti pòórá nínú rẹ̀! Aṣọ ta ni bàbá ń kì? Ẹni tí kò tíì ka ojú ìwé tó ṣáájú lè rò pé ọmọ náà kàn fẹ́ràn aṣọ kíká ni. Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn gé orúkọ ìmọ̀lára, ọ̀tọ̀ ni kó gé ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ fún ẹnì kan tí kò mọ ìtàn náà ní ìran yìí nìkan, kí ẹ bi í pé kí ni Títí ń fẹ́. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ má dá "inú bí i" padà. Ẹ dá "aṣọ ìyá rẹ̀" padà, kí ẹ sì rí i pé ikú ìyá náà ti hàn ketekete ṣáájú kí ìran yìí tó dé.