Bí mo ṣe tú «máínọ́ọ̀sì méjì, pílọ́ọ̀sì ni» ká nínú kíláàsì mi

Kí n tó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní nọ́ńbà òdì rárá ni púpọ̀ nínú wọn ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó jù wọ́n lọ pé, «Máínọ́ọ̀sì méjì, pílọ́ọ̀sì ni.» Ọ̀rọ̀ yìí ló nira jù láti tọ́ sọ́nà, nítorí pé ó máa ń gbé ìdáhùn tó tọ́ jáde nígbà mìíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ á gba máàkì, olùkọ́ á sì rò pé ó ti yé e.

Kí n lè mọ ibi tí oníkálùkù wà, mo kọ ìṣirò mẹ́rin sójú pátákó:

```
3 − 5
−3 + 5
−3 − 5
3 − (−5)
```

Mo ní kí wọ́n kọ ìdáhùn, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n ṣe tí wọ́n fi rí i. Nígbà tí mo gba ìwé wọn, ìkẹta ni mo kọ́kọ́ wò. Ẹni tó kọ 8 síbẹ̀ ti rí àmì méjì, ó sì ti sọ wọ́n di àròpọ̀. Ẹni yẹn kan náà ló gba ìkẹrin, torí pé 8 ni ìdáhùn rẹ̀ lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń fi ìkẹrin nìkan dán ẹnikẹ́ni wò.

Àwọn mélòó kan kọ 2 fún ìṣirò àkọ́kọ́. Ìyẹn kò le: wọ́n ti sọ fún wọn ní kíláàsì ìsàlẹ̀ pé a kì í yọ 5 kúrò nínú 3, torí náà wọ́n yí i po. A fa ìlà nọ́ńbà, a dúró sórí 3, a rìn sẹ́yìn lẹ́ẹ̀marùn-ún, a kọjá òdo, a dé −2.

Mo padà sí ìkẹta. Iṣẹ́ méjì ni àmì kan ṣoṣo yìí ń ṣe. Èyí tó wà níwájú 3 jẹ́ ara nọ́ńbà náà, ó ń sọ ìhà òdo tó wà. Èyí tó wà láàárín ń pàṣẹ pé ká yọ nǹkan. Fún ìgbà díẹ̀, mo kọ ti nọ́ńbà ní kékeré sókè, báyìí: ⁻3 − 5. A sì ń kà á pé, «òdì mẹ́ta, yọ márùn-ún.»

Lẹ́yìn náà ni mo gé páálí pélébé, dúdú àti pupa, mo pín in fún wọn. Dúdú kan jẹ́ 1, pupa kan jẹ́ −1. Dúdú kan àti pupa kan pa pọ̀ jẹ́ òdo, nítorí náà a lè fi irú méjì-méjì bẹ́ẹ̀ kún ohun tó wà nílẹ̀, kò sì ní yí iye rẹ̀ padà. Orí èyí ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà dúró lé, mi ò sì kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi ń ṣe é láìrònú.

A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 3 − (−5). Dúdú mẹ́ta wà nílẹ̀, mo ní kí wọ́n yọ pupa márùn-ún. Ọmọbìnrin kan ní, «Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò sí pupa níbẹ̀ tá a máa yọ.» Mo ní, «Báwo la ṣe máa rí pupa tí iye ò fi ní yí padà?» Òun fúnra rẹ̀ ló kó dúdú márùn-ún àti pupa márùn-ún sílẹ̀. Ó yọ pupa márààrún, dúdú mẹ́jọ ló kù.

Mo ní kí wọ́n ṣe −3 − 5 lọ́nà kan náà. Pupa mẹ́ta wà nílẹ̀, dúdú márùn-ún la fẹ́ yọ, kò sì sí dúdú kankan. Wọ́n kó márùn-ún-márùn-ún sílẹ̀, wọ́n yọ dúdú, pupa mẹ́jọ ló kù: −8. Àwọn tó ti kọ 8 tẹ́lẹ̀ wo páálí pupa náà, wọ́n tún un kà.

Mi ò fi gbèsè kọ́ wọn ní ìfiwéra. Ọmọdé mọ̀ pé gbèsè 7 pọ̀ ju gbèsè 2 lọ, á sì tìtorí rẹ̀ sọ pé −7 ju −2 lọ. Ìlà nọ́ńbà tó dúró lóòró ni mo lò: èyí tó wà lókè ló pọ̀ jù.

Mi ò fi páálí ṣàlàyé (−3) × (−5), níbi tí ọ̀rọ̀ «máínọ́ọ̀sì méjì» ti bá ìṣirò mu ní ti gidi. Nígbà tá a débẹ̀, bí àwọn ìdáhùn ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn ni mo fi hàn wọ́n:

```
2 × (−5) = −10
1 × (−5) = −5
0 × (−5) = 0
(−1) × (−5) = ?
```

Wọ́n rí i pé ìdáhùn ń fi 5 lé sí i ní ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ 5 síbẹ̀ kí n tó sọ ohunkóhun.