Kòkó ń gbówó lórí, àdéhùn ń dínkù: bí mo ṣe yẹ ọjà wò fún ọ̀gá mi

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, kòkó ti kọjá $10,000 fún tọ́ọ̀nù kan ní ọjà Niúyọ́ọ̀kì. Kòkó wà nílẹ̀ nínú ilé ìkẹ́rùsí wa ní Apápá, ọ̀gá mi sì bi mí léèrè pé, "Ṣé ká ṣì dì í mú? Ta ló ń rà á gan-an?"

"Ẹ jẹ́ kí n wo Open Interest ná, sà."

Àdéhùn ọjọ́ iwájú, ìyẹn àdéhùn láti ra kòkó tàbí tà á ní oṣù kan tó ń bọ̀ ní iye tí wọ́n fẹnu kò sí lónìí, ni nọ́ńbà yẹn ń kà, èyí tí wọn ò tíì yanjú nìkan. Bí ẹni tuntun bá rà lọ́wọ́ ẹni tuntun tó ń tà, ó fi ẹyọ kan lé sí i. Bí ẹni tó ti tà tẹ́lẹ̀ bá rà padà lọ́wọ́ ẹni tó ti rà tẹ́lẹ̀, ẹyọ kan lọ nínú rẹ̀, nítorí àwọn méjèèjì ti jáde. Tí owó bá wá ń gòkè bí nọ́ńbà náà ṣe ń wálẹ̀, ẹni tó tà tẹ́lẹ̀ ló sábà máa ń kánjú jù. Òun ló ń fi owó kún owó kó lè rí ọ̀nà jáde.

Mi ò wo àdéhùn oṣù Karùn-ún nìkan. Tirẹ̀ á máa wálẹ̀ nínú oṣù Kẹrin bó ti wù kó rí, torí ẹni tí kò fẹ́ gba kòkó lọ́wọ́ á ti sún lọ sí oṣù Keje kí àsìkò ìfijíṣẹ́ tó dé. Mo ro ti gbogbo oṣù pọ̀, mo fi wé ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, nígbà tí tọ́ọ̀nù kan ṣì wà ní nǹkan bí $4,200. Owó ti ju ìlọ́po méjì lọ, àpapọ̀ àdéhùn sì ti wálẹ̀ gan-an.

Ohun tó fà á kò ṣòro láti rí. Tọ́ọ̀nù 10 ni àdéhùn kan. Bí owó bá gòkè ní $1,000, ẹni tó ta ẹyọ kan gbọ́dọ̀ kó $10,000 sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Oníṣòwò bíi tiwa ni ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n ta àdéhùn kí wọ́n má bàa pàdánù bí owó kòkó tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn bá já. Kòkó ọ̀hún náà ti gbówó lórí lóòótọ́, àmọ́ kò sí ẹni tó máa fún wọn lówó rẹ̀ títí wọ́n á fi tà á. Báǹkì kì í sì í ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá rà padà, wọn ò sọ pé kòkó ṣì máa wọ́n sí i. Owó ìdúró ló tán lọ́wọ́ wọn.

Mo sọ fún ọ̀gá pé tí àwọn tó ń sá yìí bá sá tán, mi ò rí ẹni tó máa rọ́pò wọn.

"Ìgbà wo ni wọ́n máa sá tán?"

"Nọ́ńbà yìí kò lè sọ ìyẹn, sà. Kòkó sì ṣọ̀wọ́n lóòótọ́ ní Gánà àti Kọ́ọ̀tì Difúà."

A ta ìdajì. Kó tó di àárín oṣù Karùn-ún, owó ti já sí abẹ́ $8,000. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ó tún kọjá $12,000, àdéhùn ò sì tíì pọ̀ padà: ọjà tí èrò inú rẹ̀ kò pọ̀, ìwọ̀nba ẹni tó fẹ́ rà ló ń tì í sókè.