Bí mo ṣe mọ èyí tó jẹ́ gbèsè nínú ìbéèrè iléeṣẹ́ ọṣẹ

Oṣù méjì ṣáájú ìdánwò ICAN, ti àwọn oníṣirò owó, mo gbìyànjú ìbéèrè kan nínú yàrá mi ní Tanke, ní Ìlọrin. Iléeṣẹ́ ọṣẹ kan ń parí ìṣirò ọdún rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Òfin inú ìbéèrè náà ní kí gbogbo iléeṣẹ́ fi asẹ́ sí ẹnu ihò èéfín wọn kí ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà tó kọjá. Iléeṣẹ́ yìí kò fi í sí, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Mílíọ̀nù 12 náírà ni asẹ́ náà. Agbẹjọ́rò wọn ní ó ṣeé ṣe gan-an kí ìjọba bu ìtanràn mílíọ̀nù 2 lé wọn. Oníbàárà kan sì ti gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ lóṣù Kọkànlá pé ọṣẹ wọn bó òun lára. Mílíọ̀nù 10 ló ń béèrè. Agbẹjọ́rò ní nínú ọgọ́rùn-ún, 40 péré ni pé wọn yóò jẹ̀bi.

Mo kọ pírófíṣọ̀n, ìyẹn gbèsè tí a fojú díwọ̀n iye rẹ̀ tí a sì kọ sínú ìṣirò, ó jẹ́ mílíọ̀nù 18: 12 fún asẹ́, 2 fún ìtanràn, 4 fún ẹjọ́, torí pé 40 nínú 100 lára mílíọ̀nù 10 jẹ́ 4. Mo gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti yege ìdánwò náà, tó ń ṣe ìṣirò owó fáwọn oníṣòwò ní Táíwò. Wọ́n wo ìwé mi, wọ́n ní, “Bí o bá ní i lọ́kàn láti ra àgbò Iléyá lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé o ti jẹ alágbò lówó báyìí?”

Mo ní, “Rárá, ẹ̀gbọ́n.”

“Kí ló wá dé tí iléeṣẹ́ yìí fi jẹ oníṣòwò asẹ́ ní mílíọ̀nù 12?”

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yé mi. Lójú IAS 37, ìlànà ìṣirò owó àgbáyé lórí irú gbèsè báyìí, kí a tó kọ pírófíṣọ̀n, àìgbọdọ̀máṣe gbọ́dọ̀ ti wà lọ́rùn iléeṣẹ́ lọ́jọ́ ìparí ọdún, látinú ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kọjá. Ìbéèrè tí mo wá ń bi ara mi ni pé: bí wọ́n bá ti iléeṣẹ́ náà pa lọ́la, ṣé owó yìí ṣì wà lọ́rùn wọn? Bí wọ́n bá tì í pa, kò sí èéfín mọ́, wọn kò sì ní í nílò asẹ́. Òfin ń fi ipá mú wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ni ọ̀nà láti yẹ owó náà sílẹ̀ ṣì wà. Nítorí náà, asẹ́ kì í ṣe pírófíṣọ̀n, kì í sì í ṣe kọ́ntínjẹ́ńtì láyábílítì, ìyẹn gbèsè tó lè wáyé, tó sì lè má wáyé.

Ti ìtanràn yàtọ̀. Láti oṣù Keje ni wọ́n ti ń tú èéfín láìsí asẹ́, títì pa lọ́la kò lè pa ìyẹn rẹ́. Ohun tó dá gbèsè sílẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ó ṣeé ṣe ju kó má ṣẹlẹ̀ lọ pé wọn yóò san án, a sì mọ iye rẹ̀. Pírófíṣọ̀n mílíọ̀nù 2 nìyẹn: a ó fi sínú ìnáwó ọdún yẹn, a ó sì kọ ọ́ sí ara gbèsè.

Mo bi wọ́n léèrè nípa ẹjọ́. Wọ́n ní, “Adájọ́ wo ni yóò dá mílíọ̀nù 4? Wọ́n jẹ̀bi, wọn yóò san 10. Wọn ò jẹ̀bi, wọn ò ní san kọ́bọ̀.” Iye tí mo kọ kò sí lára ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nínú ìbéèrè náà rárá. Bí nǹkan bá pọ̀ ni a máa ń fi ìdá sọ iye rẹ̀ di púpọ̀. Ká ní wọ́n ta fáànù 1,000 pẹ̀lú ìlérí àtúnṣe, tí ìrírí sì fi hàn pé 5 nínú 100 máa ń bàjẹ́, tí àtúnṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦3,000: fáànù 50 ni, pírófíṣọ̀n sì jẹ́ ₦150,000. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan ṣoṣo ni tibí, 40 kò sì tó ìdajì. Kọ́ntínjẹ́ńtì láyábílítì ni: kò wọ inú ìṣirò, nínú nóòtì, ìyẹn àlàyé tó ń tẹ̀lé ìṣirò, ni a ó ti sọ nípa ẹjọ́ náà àti mílíọ̀nù 10 tó lè gbà. Ká ní agbẹjọ́rò sọ pé ó jìnnà réré sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ni, a kò ní í kọ nóòtì pàápàá.

Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ìlà kan kún ìbéèrè náà fún mi: ilé ẹjọ́ dá iléeṣẹ́ lẹ́bi lóṣù Kejì, kí àwọn olùdarí tó fọwọ́ sí ìwé ìṣirò. Mo ronú díẹ̀. Ọṣẹ ti bó oníbàárà lára kí ọdún tó parí. Ìdájọ́ kàn jẹ́ kó hàn pé gbèsè náà ti wà ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ni. Mo mú mílíọ̀nù 10 kúrò nínú nóòtì, mo fi í sí pírófíṣọ̀n, àpapọ̀ rẹ̀ sì di mílíọ̀nù 12. Ẹ̀gbọ́n fi báírò fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kí n ṣí ìbéèrè tó kàn.