Bí A Ṣe Ń Ka Wákàtí Tí Ọjà Ń Lò Láti Ẹnu Géètì Dé Orí Ṣẹ́ẹ̀fù

Tírélà ti dé, wọ́n ti já ẹrù, ọjà wà nínú ọgbà, síbẹ̀ ẹni tó ń gba ọ́dà ń sọ fún oníbàárà pé ọjà náà ti tán. Kò parọ́. Ohun tí kọ̀ǹpútà iwájú rẹ̀ fi hàn án ló sọ. Àwọn wákàtí tó wà láàárín ìgbà tí ọkọ̀ dé àti ìgbà tí ọjà di ohun tó ṣeé tà ni mo pè ní àkókò ìgbẹ́rùwọlé nínú àròkọ yìí. Nínú gbogbo òǹkà tí a fi ń mọ̀ bóyá iṣẹ́ ń lọ déédéé nílé ìkẹ́rùsí, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè, torí ó rọrùn láti kà, ó sì tún rọrùn láti fi tan ara ẹni jẹ.

Ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò lórí aago

Kí ẹnikẹ́ni tó kọ nọ́ńbà kankan sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí gbogbo yín gbà pé ibi kan náà ni aago ti bẹ̀rẹ̀, ibi kan náà ló sì ti dúró. Aago bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá wọ ọgbà, tí ẹ̀ṣọ́ géètì sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Kì í ṣe ìgbà tí akọ̀wé bá ráyè ṣí wébíìlì. Ọ̀pọ̀ ibi ló ń bẹ̀rẹ̀ láti orí wébíìlì, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà wọn fi ń dùn ún gbọ́ ju bí iṣẹ́ ṣe rí lọ.

Aago dúró nígbà tí ohun méjì bá ti ṣẹlẹ̀: ọjà ti wà ní ààyè rẹ̀ lórí ṣẹ́ẹ̀fù, kọ̀ǹpútà náà sì ti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ọ̀kan láìsí èkejì kò tó. Ọjà tó wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù tí kọ̀ǹpútà kò mọ̀ kò ṣeé tà. Èyí tí kọ̀ǹpútà mọ̀ tí kò tíì sí lórí ṣẹ́ẹ̀fù á mú kí ẹni tó ń ṣa ọjà rìn lásán.

Ìbéèrè kan máa ń dá ìjà sílẹ̀: ṣé ká ka òru tí ilẹ̀kùn wà ní títì náà mọ́ ọn? Èmi a máa kà á, torí oníbàárà tó ń dúró de ọjà kò yọ òru kúrò nínú ìdúró tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ wákàtí iṣẹ́ nìkan, kò burú, ẹ ṣáà má yí i padà láàárín ọ̀nà, torí nọ́ńbà oṣù yìí kò ní ṣeé fi wé ti oṣù tó kọjá mọ́.

Ẹ kọ aago márùn-ún fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan

Tábìlì kan lórí Excel tó láti bẹ̀rẹ̀. Ìlà kan fún ọkọ̀ kan, òpó márùn-ún: A ni ìgbà tí ọkọ̀ dé, B ni ìgbà tí wọ́n já ẹrù tán, D ni ìgbà tí gbogbo rẹ̀ dé orí ṣẹ́ẹ̀fù, E ni ìgbà tó wọ inú kọ̀ǹpútà. Òpó C, tó wà láàárín, ni ìgbà tí wọ́n kà á tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò tán. Ẹ kọ ọjọ́ mọ́ aago, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tó sun ọgbà mọ́jú á ba ìṣirò jẹ́.

```
=IF(COUNT(D2,E2)=2,(MAX(D2,E2)-A2)*24,"")
=MEDIAN(F2:F11)
=AVERAGE(F2:F11)
```

Ìlà àkọ́kọ́ ń lọ sínú òpó F; bí D tàbí E bá ṣì ṣófo, ó ń fi ààyè náà sílẹ̀ lófìfo. Ó mú èyí tó pẹ́ jù nínú ṣẹ́ẹ̀fù àti kọ̀ǹpútà, ó yọ ìgbà tí ọkọ̀ dé kúrò, ó sì fi 24 sọ ọ́ di púpọ̀ torí pé ọjọ́ ni Excel fi ń ka àkókò, kì í ṣe wákàtí. Ìlà kejì ń wá nọ́ńbà àárín ọkọ̀ mẹ́wàá, ìlà kẹta ń wá ìpíndọ́gba wọn. Bí èsì bá jáde bí ọjọ́ inú kàlẹ́ńdà, ẹ yí ìrísí òpó náà sí nọ́ńbà lásán.

Ẹni tó ṣe iṣẹ́ ni kó kọ aago, lójú ẹsẹ̀. Aago tí wọ́n jókòó kọ nírọ̀lẹ́ kì í pẹ́ tú àṣírí ara rẹ̀: gbogbo rẹ̀ á parí sí 00 tàbí 30.

Ẹ má fi ìpíndọ́gba nìkan ṣèdájọ́

Ká ní ọkọ̀ mẹ́wàá wọlé lọ́sẹ̀ kan, tí wákàtí wọn sì jẹ́ 3, 4, 4, 5, 5, 6, 6, 7, 28 àti 32. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 100, nítorí náà ìpíndọ́gba jẹ́ wákàtí 10. Ẹ wò ó dáadáa: kò sí ọkọ̀ kankan nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó gba wákàtí 10. Mẹ́jọ kò ju 7 lọ, méjì sì lé ní ọjọ́ kan. Bí a bá tò wọ́n láti kékeré dé ńlá, àárín gbùngbùn wọn jẹ́ 5.5, òun ló sì sọ bí ọjọ́ tí nǹkan lọ déédéé ṣe rí. Méjì tó gbẹ̀yìn ló sọ ibi tí ìṣòro wà. Ọ̀gá tó bá gbọ́ “10” nìkan á ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ túbọ̀ yára, nígbà tó jẹ́ pé ọkọ̀ méjì péré ló yẹ kó ṣèwádìí lé lórí.

Ẹ tú èyí tó pẹ́ wò

Ẹ jẹ́ ká tú ọkọ̀ oníwákàtí 28 yẹn. Ó dé ní aago méjì ọ̀sán. Wọ́n já ẹrù tán ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Wákàtí 2 nìyẹn. Wọn kò kà á tán títí di aago mọ́kànlá ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì: wákàtí 19 ààbọ̀. Ó dé orí ṣẹ́ẹ̀fù ní aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán, wákàtí 3 sí i. Lẹ́yìn náà ló wá dúró de kọ̀ǹpútà títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, wákàtí 3 ààbọ̀. Ẹ ro ó pọ̀, 28 ló máa jẹ́.

Ẹ bi àwọn tó ka ọjà náà: wákàtí kan péré ni kíkà gbà. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí 18 ààbọ̀ tó kù? Páálí oníwọ̀n tuntun kan wà nínú ẹrù náà, ẹni tó ra ọjà sì ti gbà á lọ́wọ́ olùpèsè láìsọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà báákóòdù rẹ̀ kò sí nínú kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan ṣoṣo ló láṣẹ láti dá kóòdù tuntun, ó sì ti lọ ilé. Torí oríṣi kan yìí, gbogbo páléètì ọkọ̀ náà sùn sílẹ̀. Wákàtí 3 ààbọ̀ ti ìparí rọrùn láti lóye ju ìyẹn lọ: akọ̀wé ń kó ìwé jọ, ó fẹ́ tẹ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kó tó ṣíwọ́.

Kò sí èyí tí sísáré àwọn tó ń já ẹrù lè tún ṣe nínú méjèèjì. Ohun tó máa tún un ṣe ni kí ẹni tó ń rajà má lè fọwọ́ sí ìrajà tí kóòdù kò sí fún, kí wọ́n ya oríṣi tó níṣòro sọ́tọ̀ kí ìyókù máa lọ, kí akọ̀wé sì máa tẹ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan bó bá ṣe ń parí. Níbi tí mo ti rí i, ìdúró ló máa ń jẹ wákàtí yìí, iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kéré.

Ẹ lọ ka páléètì orí ilẹ̀

Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò, òun sì ló ń tú àṣírí. Ìlànà kan wà tí John Little tẹ ẹ̀rí rẹ̀ jáde ní 1961: iye ohun tó wà lójú kan ní ìpíndọ́gba jẹ́ iye tó ń wọlé lọ́jọ́ kan, tí a fi ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò níbẹ̀ sọ di púpọ̀. Bí páléètì 40 bá ń wọlé lójúmọ́, tí ìwé yín sì ní wákàtí 10 ni ìpíndọ́gba, bíi páléètì 17 ló yẹ kó máa wà ní ibi ìjáẹrù. (Níbí, ìpíndọ́gba gan-an ni ẹ ó lò, kì í ṣe nọ́ńbà àárín.)

Ẹ lọ kà á ní aago oríṣiríṣi fún ọ̀sẹ̀ méjì, títí kan àárọ̀ kùtù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ń bá 50 níbẹ̀ ní ìpíndọ́gba, ẹ pín 50 sí 40: ọjọ́ 1.25, ìyẹn wákàtí 30. Ìwé ń pa irọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, aago ló bẹ̀rẹ̀ pẹ́, tàbí kó jẹ́ pé ọkọ̀ tí kò tíì parí kò sí nínú ìṣirò. Ẹrù tó ti jókòó fún ọjọ́ mẹ́sàn-án nítorí àríyànjiyàn kò tíì ní òpó E, nítorí náà Excel kò rí i. Ó tún lè jẹ́ pé àwọn ọkọ̀ tó kó páléètì púpọ̀ gan-an ló ń pẹ́. Ẹ fi iye páléètì ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ wákàtí rẹ̀ di púpọ̀, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ pín in sí àpapọ̀ páléètì, kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ẹ so ó mọ́ ọ́dà tó péye

Bí ẹ bá fi nọ́ńbà yìí halẹ̀ mọ́ òṣìṣẹ́, ọ̀nà kan wà tó yá jù láti mú un kéré: kí wọ́n tẹ ọjà wọ kọ̀ǹpútà kó tó dé orí ṣẹ́ẹ̀fù, kí wọ́n sì kọ aago kan náà sí òpó D. Nọ́ńbà á dára lọ́jọ́ kejì. Àmọ́ ẹni tó ń ṣa ọjà á dé ibi tí kọ̀ǹpútà júwe, á bá a lófìfo, á sì mú èyí tó jọ ọ́ nítòsí. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ máa ka ọ́dà tó péye lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ọ́dà tó jáde láìní àṣìṣe kankan, tí a pín sí gbogbo ọ́dà tó jáde. Bí 485 bá péye nínú 500, 97% ni.

Odindi ọ́dà ni kí ẹ kà, kì í ṣe oríṣi ọjà inú rẹ̀. Bí oríṣi kọ̀ọ̀kan bá péye dé 99%, ọ́dà tó ní oríṣi márùn-ún kò ní péye ju bíi 95% lọ. Nọ́ńbà tó ga jù nínú méjèèjì ni wọ́n sábà máa ń gbé fún ọ̀gá.

Ohun tó lè ṣe sí yíyípo ọjà, àti ohun tí kò lè ṣe

Yíyípo ọjà jẹ́ iye owó tí ọjà tí ẹ tà lọ́dún ná yín, tí a pín sí ìpíndọ́gba owó ọjà tó wà nílẹ̀. Iye tí ẹ rà á ni kí ẹ lò lápá méjèèjì, kì í ṣe iye tí ẹ tà á. Bí mílíọ̀nù 60 bá lọ lọ́dún, tí mílíọ̀nù 10 sì máa ń wà nílẹ̀, ó yípo nígbà 6, ọjà sì ń lò bí ọjọ́ 61 lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá gé ọjọ́ kan kúrò lára àkókò ìgbẹ́rùwọlé, ẹ ò ní rí i dáadáa nínú 61. Àmọ́ ọjà tó ń yípo nígbà 50 lọ́dún kì í lò ju bí ọjọ́ 7 lọ, ọjọ́ kan nínú 7 kò sì kéré. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé kúrò nílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ mẹ́ta bá dé pa pọ̀, ẹni yòówù kó kọ́kọ́ wọ géètì.

Bí ọ́dà kan bá ti ń dúró de ọjà náà tẹ́lẹ̀, ẹ má wulẹ̀ gbé e dé orí ṣẹ́ẹ̀fù rárá. Ẹ kà á, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e tààrà lọ sí ibi tí ọkọ̀ ti ń kó ọjà jáde. Ẹ ṣáà kọ ọ́ sí tábìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀, torí wákàtí rẹ̀ á kéré gan-an, bí ẹ bá sì dà á pọ̀ mọ́ ìyókù, á bo àwọn tó ń pẹ́ mọ́lẹ̀.