Ẹ yé gbé ọmọ ata láti inú yàrá bọ́ sínú oòrùn ọ̀sán: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, àbúrò kan ní àdúgbò wa ní Ṣùúrùlérè kanlẹ̀kùn mi ní àárọ̀ Mọ́ńdè. Tíréè ló gbé dání. Ọmọ ata rodo 48 ló wà nínú rẹ̀, ewé wọn sì ti funfun báláú bí bébà.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, àrùn wo nìyí? Oògùn wo ni kí n rà?"

Mo bi í pé ìgbà wo ló gbé wọn kúrò nínú yàrá. Ó ní láti aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé ni òun ti gbé wọn síta kí oòrùn lè mú wọn le, òun wá lọ sí òde ìgbéyàwó. Ìrọ̀lẹ́ ló tó padà dé. Mo ní kó fi owó oògùn sí àpò. Kò sí àrùn kankan lára wọn, oòrùn ló jó wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹ ó ra irúgbìn olówó gọbọi, ẹ ó tọ́jú rẹ̀ lójú fèrèsé fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ẹ ó wá fi ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo pa á. Torí náà mo jókòó láti ka àṣìṣe yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àṣìṣe kìíní: "Èkó ò ní òtútù." Èyí ló ń bí mi nínú jù. Àwọn tó kọ ìwé láti ìlú olótùútù máa ń sọ pé ẹ mú kí ọmọ irúgbìn faradà á díẹ̀díẹ̀ kí yìnyín má bàa pa á. Ẹ̀yin náà wá ní, ṣebí yìnyín kì í bọ́ ní Yábàá, kí ló wá kàn wá? Oòrùn ló kàn yín. Ojú wa ń tàn wá jẹ: yàrá tó mọ́lẹ̀ kedere lójú èèyàn, òkùnkùn ni lójú ata. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba fèrèsé wọlé, pàápàá tí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bá wà níbẹ̀, kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìta. Ewé tó bá ti ibẹ̀ jáde á fẹlẹ́, á fẹ̀, ohun tó ń dán bí ìda lójú ewé, tí kì í jẹ́ kí omi tètè gbẹ lára rẹ̀, kò sì ní nípọn. Tí irú ewé bẹ́ẹ̀ bá pàdé oòrùn ọ̀sán lójijì, ìmọ́lẹ̀ náà á pọ̀ ju ohun tó lè lò lọ, á sì jó àwọ̀ ewé rẹ̀ dànù. Omi á tún máa jáde lára rẹ̀ yára ju bí gbòǹgbò ṣe lè fà á lọ.

Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé ewé àtijọ́ yẹn kò ní di ewé oòrùn tán láé. Ewé tuntun tó bá yọ níta ló máa nípọn. Nítorí náà, ọjọ́ méje sí mẹ́wàá tí a fi ń mú ọmọ irúgbìn mọ́ oòrùn díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì tí ewé tuntun á fi ráyè yọ ni à ń dúró dè.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé oòrùn ni, kì í ṣe àrùn? Ẹ gbé ewé òkè sókè kí ẹ wo èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Tí oòrùn bá ni, ibi tí òjìji ewé òkè bò á tútù yọ̀yọ̀, ibi tí oòrùn ti rí i nìkan ló funfun. Àrùn kì í wo ibi tí òjìji wà kó tó ràn. Ibi tó funfun yẹn kò ní padà di tútù mọ́, bí ẹ tilẹ̀ bomi sí i títí di alẹ́. Ọ̀mùnú tó wà láàárín ni kí ẹ wò: tí ìyẹn bá ṣì tutù, ẹ gbé e sábẹ́ òjìji, á rúwé. Èmi àti àbúrò yẹn ka tirẹ̀, 29 ló ṣì ní ọ̀mùnú nínú 48.

Kí n má bàa dà bí ẹni tí kò ṣìṣe rí: tòmátì 60 ni mo kọ́kọ́ tọ́ nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà. Mo gbìn wọ́n sẹ́yìn ilé lọ́sàn-án Sátidé torí pé ọjọ́ yẹn ni mi ò lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó fi máa di Túsìdeè, méje ló kù. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo padà sọ́jà lọ bá ẹni tó ta irúgbìn fún mi jà. Obìnrin náà kàn ń wò mí ni. Títí dòní, ọ̀nà ibòmíràn ni mò ń gbà kọjá nínú ọjà yẹn.

Àṣìṣe kejì: ẹ ń gbé tíréè dúdú lélẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Ilẹ̀ tí ẹ ò lè fẹsẹ̀ lásán dúró lé ní aago méjì ọ̀sán, gbòǹgbò lẹ gbé lé e yẹn o. Ẹ to búlọ́ọ̀kù méjì, ẹ fi pákó dábùú rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ tíréè kọjá. Ẹ ti ìka bọ inú erùpẹ̀: tó bá lọ́wọ́ọ́wọ́ bí omi ìwẹ̀, ẹ gbé e kúrò.

Ẹ̀kẹta: bálíkónì tí oòrùn kì í dé. Oṣù kan níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí inú yàrá.

Ẹ yé fún wọn ní yúríà lọ́sẹ̀ tí ẹ bá ń mú wọn mọ́ oòrùn. Ewé rọ̀bọ̀tọ̀ tó máa mú jáde, òun gan-an ni oòrùn ń wá.

Omi ńkọ́? Àwọn kan gbọ́ pé kí wọ́n dín omi kù, wọ́n wá fi òùngbẹ pa á. Ẹ jẹ́ kí ojú erùpẹ̀ gbẹ, kí ewé ìsàlẹ̀ fẹ́ rọ díẹ̀, kí ẹ tó bomi rin ín dáadáa. (Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́, ẹ máa bá mi kà á lọ.)

Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyí. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n ń wà fún wákàtí méjì, mo sì ń gbé wọn wọlé. Lọ́jọ́ kẹta ni oòrùn tó kàn wọ́n, láti aago méje sí mẹ́jọ àárọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn mò ń fi wákàtí kan kún un lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ kẹfà, wọ́n ti ń wà níta títí di aago mọ́kànlá. Ọjọ́ kẹjọ ni mo ń jẹ́ kí wọ́n rí oòrùn ọ̀sán. Ọjọ́ méjì tó kẹ́yìn, ìta ni wọ́n ń sùn. Tí àwọ̀ ewé bá ń ṣá lọ́jọ́ kan, wákàtí ọjọ́ yẹn náà ni mò ń tún ṣe lọ́jọ́ kejì. Tí ẹ kì í bá sí nílé lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ wá ibi tí ògiri ti máa ń ṣíji bò wọ́n láti aago mẹ́sàn-án, kí ògiri bá yín ṣe é.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ gbìn ín sílẹ̀, bí aago márùn-ún, lẹ́yìn tí ẹ bá ti bomi rin tíréè. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Tó bá rọ lọ́sàn-án tó sì dìde nírọ̀lẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tí ilẹ̀ mọ́ tí kò tíì dìde, gbòǹgbò rẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Ata 29 ti àbúrò yẹn ti yọ ewé tuntun méjì méjì, ó nípọn, ó sì dúdú dáadáa. Ó pè mí lónìí pé òun ti gbẹ́ ihò, òun fẹ́ gbìn wọ́n báyìí. Mo wo aago: méjìlá ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.