Akápò ìjọ tó fẹ́ fi ipò sílẹ̀: àwọn ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó wọ inú lẹ́tà

Ọdún méje ni mo fi ṣe akápò ìjọ wa ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta. Nígbà tí mo fẹ́ gbé e sílẹ̀, mo kọ ọ́ pé "nítorí àwọn ìdí kan tí n kò fẹ́ ṣàlàyé." Mo rò pé ìwà ọmọlúàbí ni. Kí Sọ́ńdè mìíràn tó pé, ìyá kan ti fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Akápò, ẹ jọ̀ọ́, ṣé owó ò dín?"

Àṣìṣe tó burú jù nìyẹn fún ẹni tó bá ń di owó ìjọ mú. Bí olórí akọrin bá fi ìdí tirẹ̀ pamọ́, wọ́n á ní bóyá ìjà ni. Bí akápò bá fi í pamọ́, owó ni wọ́n á máa wá. Ìdí kan tó jẹ́ òótọ́, tí gbogbo ènìyàn lè fojú rí, ti tó. Tèmi ni pé ibi iṣẹ́ mi ti kó lọ sí Ajah. Kí n tó sọdá afárá Third Mainland padà lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìgbìmọ̀ ìnáwó á ti túká.

Òótọ́ ni pé ìdí kejì wà: àwọn kan ń gba owó láì kọ fọ́ọ̀mù. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà ìfipòsílẹ̀, kò sì yẹ kéèyàn gbé e mì. Ọ̀dọ̀ pásítọ̀ la ń mú un lọ, pẹ̀lú ìwé ìṣirò lọ́wọ́, kí á tó fi nǹkan lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ọpẹ́ náà ní ẹ̀gún tirẹ̀. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó tì mí lẹ́yìn, àti àwọn tó ń gbógun tì mí." Ẹ̀hónú nìyẹn, ó kàn wọ agbádá ni. Ẹ dárúkọ oore kan pàtó. Bí mo ṣe tún tèmi kọ nìyí:

"Bàbá wa, ẹ ṣeun tí ẹ fi àpò ìjọ lé mi lọ́wọ́. N kò lè gbàgbé bí àwọn alàgbà ṣe dúró tì mí ka owó ìkórè títí ilẹ̀ fi ṣú. Iṣẹ́ mi ti kó lọ sí Ajah, n kò lè máa bá ìpàdé Ọjọ́bọ̀ mọ́. Mo bẹ̀bẹ̀ kí ẹ gbà mí láàyè láti gbé ipò náà sílẹ̀ níparí oṣù tó ń bọ̀. Ọmọ ìjọ ni mo ṣì jẹ́."

Ẹ má kọ "Ọlọ́run ló ní kí n lọ" bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ bá Ọlọ́run jiyàn? Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ rí i lórí Wáásáàpù. Ẹ lọ kí bàbá nílé ná, kí lẹ́tà tẹ̀lé e.

Bí wọ́n bá ti gbà á, ẹ rán wọn létí kí ìjọ kọ̀wé sí báńkì láti yọ ìbuwọ́lù yín kúrò. Títí báńkì yóò fi yọ ọ́, orúkọ yín ṣì wà lórí àkáǹtì náà.