Bí a ṣe ń mọ ibi tí ọkọ̀ yóò kọjú sí nígbà tí odò bá ń ṣàn

Ọkọ̀ kan fẹ́ kúrò ní A kó sì gúnlẹ̀ sí B, tó wà ní ọ̀kánkán rẹ̀ gan-an ní bèbè kejì. Odò náà fẹ̀ tó mítà 120. Bí omi bá dúró jẹ́ẹ́, ọkọ̀ náà lè rin mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àmọ́ omi ń ṣàn lọ sí apá ọ̀tún, mítà 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibo ni kó kọjú sí, ìgbà wo ni yóò sì dé?

Kọ́kọ́ wo ohun tí ìyára kọ̀ọ̀kan dúró fún. Ìyára 5 yẹn jẹ́ ti ọkọ̀ lórí omi. Kì í ṣe ohun tí ẹni tó dúró sí bèbè yóò rí. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà: wọ́n á gbé 5 lé orí ìlà AB.

Mú rúlà, kí sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fa ìlà láti A gba ọ̀nà B lọ, kó gùn dáadáa. Láti A kan náà, fa ọfà ìṣàn omi sí ọ̀tún, sẹ̀ǹtímítà 3, kí o sì pe orí rẹ̀ ní C. Wá ṣí kọ́ńpáàsì sí sẹ̀ǹtímítà 5, fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sí C, kó gé ìlà tó ń lọ sí B. Pe ibẹ̀ ní D. (D kì í ṣe ibi kan nínú odò o, ìyára ni àwọn ọfà yìí ń wọ̀n, kì í ṣe ọ̀nà.)

Ìlà láti C sí D ni ibi tí imú ọkọ̀ kọjú sí: ó tẹ̀ sí òsì, níbi tí omi ti ń bọ̀. Igun 90° wà ní A, nítorí náà CD ló gùn jù. Igun tó wà ní D ni ìwọ̀n títẹ̀ náà:

```
sin D = 3/5
D ≈ 37°
AD = √(5² − 3²) = 4
```

Ìyọkúrò ni, kì í ṣe ìròpọ̀. Bí o bá rí nǹkan bíi 5.8, o ti fi igun 90° síbi tí kò yẹ.

AD ni ìyára tí ọkọ̀ fi ń sún mọ́ B lóòótọ́. Pín 120 sí 4: ìṣẹ́jú àáyá 30 ni.

Bó bá jẹ́ pé ọ̀kánkán B ni ọkọ̀ kọjú sí, 120 pín sí 5 ni, yóò sì la odò já ní ìṣẹ́jú àáyá 24. Kò sí ọ̀nà tó yá ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n omi á ti gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ ní mítà 72, ìyẹn 3 lọ́nà 24. Nítorí náà, ka ìbéèrè dáadáa: ṣé kó tètè dé ni, àbí kó dé B?

Bí ìṣàn omi bá sì lọ di 6, kọ́ńpáàsì tó ṣí sí 5 kò ní kan ìlà AB rárá. Ọkọ̀ yẹn kò lè gba ọ̀nà tààrà dé B, bó ti wù kó kọjú síbi kan tó.